Adarí, adíwọ̀n tàbí oníbodè: orúkọ wo ló yẹ ẹ̀yà ọpọlọ méjèèjì yìí?

Fúnmiláyọ̀ kọ̀wé:

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo ń ṣe ìwé pélébé kan fún àwọn tí ara wọn kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́. Mo pe sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù, tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn orí, ní "adarí-ìmira-ara". Mo pe gángílíà, àwọn kókó tó wà ní inú lọ́hùn-ún ọpọlọ, ní "igbákejì adarí". Ẹni tó ń bá mi yẹ iṣẹ́ náà wò sọ pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, pé kí n fún wọn ní orúkọ kan ṣoṣo. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Akin fèsì:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kò dùn mọ́ mi nínú. Ara ti wà nínú "mira" kí o tó tún fi "ara" mìíràn lé e lórí. Ní ti "igbákejì", ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀gá nígbà tí ọ̀gá kò bá sí ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣé gángílíà ń dúró de ọjọ́ tí sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù kò ní wá síbi iṣẹ́ ni? Èyí tó burú jù ni "adarí", nítorí ẹni tó ń pàṣẹ ni adarí. Èmi ì bá sọ pé "ọpọlọ kékeré", bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí ní èdè Látìn. Kí o sáà fi àmì ohùn sí i bó ṣe yẹ, kí àwọn èèyàn má baà kà á sí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò létí omi. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà kì í gba ìwé tí kò ní àmì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a kò sì kú.

Ṣẹ́gun fèsì:

Bàbá, ẹ forí jì mí. "Da orí" ni "darí", bí ẹni ń da ẹran: ẹran ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ẹni tó ń dà á kàn ń yí orí rẹ̀ sí ibi tó yẹ ni. Kò sí àṣẹ níbẹ̀. Lójú tèmi, ìjánu ni ẹ̀yà méjèèjì. Ọ̀kan ń dá ìmira dúró kó má bẹ̀rẹ̀, èkejì ń dá a dúró níparí. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní "ìjánu iwájú" àti "ìjánu ẹ̀yìn", kí ọ̀rọ̀ tán.

Ìyábọ̀ fèsì:

Iṣẹ́ oníṣègùn ọpọlọ ni mò ń ṣe, mi ò sì fẹ́ ká fi orúkọ ṣi aláìsàn lọ́nà. Ṣẹ́gun sún mọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ìjánu nìkan kò tó.

Ẹ ní kí ẹni tí sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ bàjẹ́ fi ìka kan imú ara rẹ̀, kó sì na ìka náà wá kan ìka yín tí ẹ gbé síwájú rẹ̀. Apá á gbéra, agbára rẹ̀ kò sì dín, èyí tó fi hàn pé àṣẹ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ìka bá kù díẹ̀ kó débẹ̀ ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀: á kọjá ìka yín, á padà, á tún kọjá sí òdìkejì, bó sì ṣe ń sún mọ́ ọn ni ìgbọ̀n náà ń pọ̀ sí i. Ìdí ni pé iṣan tó ń ká apá ló gbọ́dọ̀ dá èyí tó ń nà án dúró, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìka tó dé ibi tó ń lọ. Ìròyìn tí ojú ń mú wá máa ń pẹ́ tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà bí a bá dúró dè é, ìka á ti kọjá. Sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù kì í dúró. Ó ń gba ẹ̀dà àṣẹ tí a fi ránṣẹ́ sí apá, ó ń fi ṣírò ibi tí apá yóò dé, ó sì ń ṣètò ìdádúró sílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó ń díwọ̀n nìyẹn, nítorí náà "adíwọ̀n" ni mo dìbò fún.

Gọ́dìnì Hómùsì, tó yẹ àwọn ọmọ ogun tí ìbọn bà ní ẹ̀yìn orí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní wò, kọ nípa ọ̀kan tó ní apá òsì òun ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé òun rò ó, àmọ́ ti ọ̀tún, àfi kí òun ro ìgbésẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ ló sì bàjẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tó bá bàjẹ́ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń jìyà.

Ti gángílíà yàtọ̀. Oníbodè ni. Nígbà gbogbo ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ìmira, tí ọ̀kan bá sì yẹ, á ṣílẹ̀kùn fún un, á sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ sí àtìmọ́lé. Dopamíìnì, èròjà kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló ń mú kí ilẹ̀kùn náà rọrùn láti ṣí. Bó bá dín kù, bí i nínú àrùn tí Jémíìsì Pákínsìn kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1817, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ìkọ̀wé á máa kéré sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé ìparí.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, "kékeré" kò tọ́ sí ẹ̀yà tó ní nǹkan bí bílíọ̀nù 69 nínú bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára tó wà nínú ọpọlọ.

Làídé fèsì:

Ẹ ṣeun, Dókítà. Sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù bàbá mi ló ti bàjẹ́ nìyẹn, torí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n gan-an. Bí wọ́n bá gbé e lé itan ni, bí ẹni ń ka owó. Tí wọ́n bá mú ife, ó máa ń dáwọ́ dúró. Ṣé kí n máa fi ìka dán wọn wò?

Ìyábọ̀ fèsì:

Ẹ má fi ìka dán wọn wò o, Làídé. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ìgbọ̀n tó ń wá nígbà tí ọwọ́ bá sinmi, tó sì ń lọ nígbà tí ọwọ́ bá níṣẹ́, ọ̀dọ̀ oníbodè ló sábà máa ń jẹ́ ká kọ́kọ́ wò. Ti adíwọ̀n, ìgbà tí ọwọ́ bá ń lọ mú nǹkan ló máa ń hàn. Síbẹ̀ mi ò lè fi lẹ́tà mọ àìsàn, ọ̀nà sì wà láàárín ẹ̀yà méjèèjì, tó fi jẹ́ pé sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù náà ń lọ́wọ́ nínú ìgbọ̀n ọlọ́wọ́-sísinmi yẹn.

Ṣẹ́gun fèsì:

Ṣùgbọ́n tí gángílíà bá jẹ́ oníbodè, tí èèyàn bá wá bà á jẹ́, ṣé kì í ṣe pé gbogbo ìmira á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìyábọ̀ fèsì:

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bí ìpalára bá bá kókó kékeré kan nínú wọn, apá àti ẹsẹ̀ òdìkejì lè máa ju ara wọn káàkiri láìdúró, èyí sì bá oníbodè mu. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ abẹ ti dá ọgbẹ́ sí kókó tó jẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn gan-an fún àwọn tó ní àrùn Pákínsìn. Ara wọn kò tú ká, kàkà bẹ́ẹ̀, ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Oníbodè kò ṣàlàyé ìyẹn tán, àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí kò sì tíì fẹnu kò lé e.

Bàbá Akin fèsì:

Mo ti gba oníbodè. "Adíwọ̀n" ló kù tí mi ò tíì gbé mì. Ibo ni "dí" inú rẹ̀ ti wá? Bó bá jẹ́ "dá ìwọ̀n", "dáwọ̀n" ni ì bá jẹ́. Bó bá jẹ́ "dí" tí à ń dí ihò, kí ni ìwọ̀n ń wá níbẹ̀?

Ṣẹ́gun fèsì:

Bàbá, gbogbo ènìyàn ló ń sọ "díwọ̀n", kò sì sẹ́ni tó ń dí ihò.

Bàbá Akin fèsì:

"Gbogbo ènìyàn" kò tíì kọ gírámà kankan tí mo kà rí.

Fúnmiláyọ̀ kọ̀wé:

Ẹ ṣé o. Mo ti pa "igbákejì" rẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé náà báyìí ni pé: "Oníbodè ló ń yọ̀ǹda kí apá rẹ gbéra; adíwọ̀n ló ń jẹ́ kó dúró síbi tí o fẹ́." Mo fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ "dí" títí ẹ̀yin àgbà yóò fi parí ìjà yín.