Ewúrẹ́ 6 tí mo rà lọ́jà: ọjọ́ mélòó ni kí n yà wọ́n sọ́tọ̀ kí n tó dà wọ́n mọ́ ti ilé?

Ìyá Ẹlẹ́ran, Ìlíṣàn: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ewúrẹ́ 14 ni mo ní nílé, 5 nínú wọn ló lóyún. Lọ́jọ́ Sátidé mo ra 6 mìíràn lọ́jà, inú pikọ́ọ̀pù kan náà tí wọ́n kó àgùntàn àti àgbò sí ni wọ́n fi gbé wọn wá, gbogbo wọn há mọ́ra. Mo ti gbọ́ pé a kì í da ẹran tuntun mọ́ ti ilé lójú ẹsẹ̀, mo wá kó wọn sínú yàrá kan lẹ́yìnkùlé tí a máa ń kó gààrí sí tẹ́lẹ̀, ó tó ogójì ẹsẹ̀ sí ilé ẹran. Ọmọkùnrin kan náà ló ń tọ́jú méjèèjì ṣá. Ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ 5 ti tó, ẹni tó tà wọ́n fún mi ní kí n tiẹ̀ kó wọn wọlé jàre, pé kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ dáadáa, ọ̀kan péré ló ń wúkọ́ díẹ̀, mo rò pé eruku ojú ọ̀nà ni. Ọjọ́ mélòó gan-an ni, ṣé kí n sì ti gún wọn lábẹ́rẹ́ kátà lónìí?

Bàbá Ọlọ́sìn, Ṣágámù: Ẹ kú ọjà o ìyá. Ọjọ́ 7 tó. Kátà tó bá wà lára ẹran, láàárín ọjọ́ 4 sí 6 ló máa jáde, ojú á máa ṣomi, imú á máa ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí kò bá ti jáde lọ́jọ́ 7 kò sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá kó wọn dé ni mo máa ń gún gbogbo wọn ní tẹ́rá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹran mi kò kú.

Olóko Ìpẹru: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, èmi náà ra àgbò kan fún iléyá, iléyá ò ju ọjọ́ 10 lọ mọ́, ṣé ó di dandan kí n yà á sọ́tọ̀ kí n tó pa á ni? Torí ọjọ́ Ojúde Ọba ọ̀hún ni àwọn àna mi ń bọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ran, Ìlíṣàn: Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ fẹ́ pa kọ́ là ń sọ o 😂 èyí tí a fẹ́ máa sìn lọ ni.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde: Olóko, tí ẹ ò bá ní ewúrẹ́ tàbí àgùntàn mìíràn nílé, ẹ so àgbò yín mọ́lẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí ẹ bá ní, kí ó má súnmọ́ wọn títí ọjọ́ tí ẹ máa pa á.

Ìyá, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn dáadáa. Ohun tí Bàbá sọ nípa ọjọ́ 4 sí 6 jẹ́ òótọ́, bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí. Ibi tí ó ti yẹ̀ ni pé ẹran mẹ́fà ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ wò ó báyìí: ká ní ọ̀kan ló kó o nínú pikọ́ọ̀pù lọ́jọ́ Sátidé. Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ìyẹn Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ á gbóná, ojú àti imú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ìgbà yẹn ni ìkejì ń kó o lọ́wọ́ rẹ̀, torí èémí àti sísín ni ó fi ń ràn. Ìkejì ò ní hàn títí di nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11. Ó tún lè ran ìkẹta, òun náà á wá hàn lọ́jọ́ 16 tàbí 17. Tí ẹ bá wá kó wọn wọlé lọ́jọ́ 7 torí pé marùn-ún ṣì ń fò, èyí tí kátà ṣì wà lára rẹ̀ tí kò tíì hàn ló máa kó o fún 14 tó wà nílé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ọjọ́ 21, kì í ṣe pé a fẹ́ fìyà jẹ yín.

Ọ̀rọ̀ tẹ́rá, kòkòrò kátà kì í ṣe irú èyí tí tẹ́rá ń pa. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dá òtútù àyà tó máa ń tẹ̀lé kátà dúró, ẹran míì á tipa bẹ́ẹ̀ yè. Ó dára fún ẹran tó ti ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gún gbogbo wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, imú lè gbẹ díẹ̀, ẹ̀yin á rò pé ara ti yá, ó ṣì ń ràn.

Bàbá Ọlọ́sìn, Ṣágámù: Dókítà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹran mi kò kú, ìyẹn náà ńkọ́?

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde: Bàbá, ṣé ẹ máa ń gún àwọn ti ilé yín ní àjẹsára?

Bàbá Ọlọ́sìn, Ṣágámù: Èyí tí àwọn ará ọ́fíìsì ẹran gún fún wa lọ́dún méjì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ ò rí i. Àjẹsára yẹn máa ń dáàbò bò wọ́n fún bí ọdún mẹ́ta. Òun ló ń ṣiṣẹ́, tẹ́rá ń gba ọpẹ́.

Màmá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí Ìyá Ìlíṣàn lè rí i. Lọ́dún tó kọjá àgùntàn 2 péré ni mo rà, kì í tiẹ̀ ṣe ewúrẹ́. Wọ́n ń sín díẹ̀, wọ́n ń jẹun, èmi rò pé ọ̀fìnkìn ni, mo kó wọn mọ́ ewúrẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Àgùntàn méjèèjì yìí wà títí dòní, wọ́n ti bímọ. Ewúrẹ́ mi 15, 11 ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnu wọn bó, ìgbẹ́ gbuuru tó ń rùn, ìwúkọ́ bí èèyàn tó ń mu tábà. Ẹni tó ta àgùntàn fún mi ní òun ò ta ewúrẹ́ fún mi, kí ló kàn òun. Mo sunkún o. Torí náà ẹ má fi ti pé àgùntàn ń jẹun ṣe ẹ̀rí kankan.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde: Òótọ́ ni Màmá sọ, ó sábà máa ń rọrùn fún àgùntàn ju ewúrẹ́ lọ, pàápàá àwọn ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí. Ìyá Ìlíṣàn, inú pikọ́ọ̀pù tí àgùntàn wà ni ti yín ti wá, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe lónìí: ẹ yọ èyí tó ń wúkọ́ kúrò láàárín àwọn tó kù, kì báà jẹ́ igun mìíràn tí ògiri dí. Lẹ́yìn náà ẹ ra tẹmómítà kan. Láràárọ̀ kí oòrùn tó yọ, ẹ fi faseléènì pa á, kí ọmọ yẹn tì í sí ihò ìdí ẹran díẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn kó má baà wọlé tán (ó ti ṣẹlẹ̀ níwájú mi rí 😅). Ẹran tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń wà láàárín 38.5 sí 39.5. Tí ó bá ti di 40 sókè láàárọ̀ tútù, kátà lè ti wọlé, kódà kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Tẹmómítà yẹn máa fi ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ojú yín.

Ọmọ tó ń tọ́jú wọn: kò burú pé ẹnì kan ni, tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ti ilé, tó wá fi ti tuntun parí, tí kò sì padà sọ́dọ̀ ti ilé lọ́jọ́ náà mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti okùn tirẹ̀ fún wọn níbẹ̀, sálúbàtà tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ láti fi fọwọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n jẹ kù, ẹ má gbé e fún ti ilé.

Ìyá Ẹlẹ́ran, Ìlíṣàn: Ẹ ṣeun dókítà. Nǹkan míì ńkọ́, ẹran àwọn aládùúgbò tó ń rìn káàkiri, wọ́n ti mọ̀ pé mo ń da èèpo sí ẹnu ọ̀nà yẹn, wọ́n ń fimú kan àwọn tèmi láti àlàfo ilẹ̀kùn.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ fi pákó dí àlàfo yẹn lónìí ṣá. Àwọn ẹran yẹn ló máa gbé e kúrò lẹ́yìnkùlé yín wá sí ilé ẹran yín, ogójì ẹsẹ̀ yẹn ò sì ní dáàbò bò yín lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Rẹ́mọ: Àti abẹ́rẹ́ tí ìyá bèèrè ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé 😂

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde: Mo ń bọ̀. Àwọn 14 ti ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ gún. Àjẹsára tí wọ́n ń ṣe ní Vọ́m lẹ́bàá Jọ́ọ̀s yìí máa ń gbà tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mú ara wọn le. Nígbà tí ọjọ́ 21 bá fi máa pé, àwọn ti ilé ti di alágbára, kódà bí ohun kan bá jẹ́ kù lára ti tuntun. Ẹ má bẹ̀rù àwọn tó lóyún, abẹ́rẹ́ náà kì í ba oyún jẹ́, rírọ́ wọn lu ilẹ̀ ló ń bà á jẹ́, kí ọmọ yẹn mú wọn jẹ́jẹ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ìgò rẹ̀, ẹran 50 tàbí 100 ló máa ń wà fún, tí a bá sì ti po ó tán, láàárín wákàtí kan ló yẹ ká lò ó tán, inú yìnyín, kó má rí oòrùn. Ẹ bá àwọn aládùúgbò yẹn sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ dáwó jọ.

Àwọn mẹ́fà, èmi máa ń dúró tó ọjọ́ 10, tí tẹmómítà ò bá sọ nǹkankan. Tí kátà bá ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ ò lè dá a dúró, wọ́n á ṣàìsàn, ẹ̀yin á wá sọ pé abẹ́rẹ́ ló pa wọ́n.

Olùtọ́jú Ẹran, Ìkẹ́nnẹ́: Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ èmi ò gbà èyí. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé ni mo máa ń gún wọn. Ká ní ọ̀kan péré ló kó o nínú mẹ́fà, marùn-ún tó kù lè tètè rí ààbò kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí a bá dúró ọjọ́ 10, ẹni kejì ti kó o tán. Ìgò kan náà la sì máa ṣí.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde: Èyí tí ẹ sọ nípa ìgò yẹn lágbára lóòótọ́. Ẹ̀rù tèmi ni pé ibà lè tẹ̀lé abẹ́rẹ́ díẹ̀, ìyá á wá ka 40 lórí tẹmómítà, kò ní mọ èwo ni èwo. Ẹ jẹ́ kí ìyá yàn fúnra rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ran, Ìlíṣàn (ọjọ́ kẹsàn-án): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo gún àwọn ti ilé lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, aládùúgbò mẹ́ta ló bá mi dáwó, ẹran 41 la gún. Àwọn mẹ́fà mi ò tíì gún wọn. Èyí tó ń wúkọ́ yẹn, 39.1 ló ń kà lójoojúmọ́, ìwúkọ́ ti lọ, eruku ni lóòótọ́. Àmọ́ èyí pupa tí n kò tiẹ̀ fura sí rárá, 40.6 láàárọ̀ àná, òní 40.9, ojú ọ̀tún ti ń ṣomi, kò sì jẹ tó.

Bàbá Ọlọ́sìn, Ṣágámù: Ìyá, kó tó burú sí i, ẹ tà á fún alápatà tàbí kí ẹ dá a padà sọ́jà, owó á jáde.

Màmá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Bàbá! Ẹni tó máa rà á lọ́jà ló ń di èmi yẹn o.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ má tà á, ẹ má gbé e kúrò nílé. Ẹ yà á sí ibi tí ẹ yọ oníwùúkọ́ sí, èyí tó ti yá kó padà sáàárín ìyókù. Ọ̀la ni mo máa wá gún pupa ní tẹ́rá torí àyà rẹ̀, Bàbá yóò rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ máa fún un lómi pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà, ẹ fi omi iyọ̀ nu ẹnu tó bá bó. Ọjọ́ 21 yẹn ti bàjẹ́, ọjọ́ tí ẹran tó bá ṣàìsàn kẹ́yìn bá gbádùn ni ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìyá Ẹlẹ́ran, Ìlíṣàn: Háà, ìyẹn ni pé ó lè di oṣù kan àti ààbọ̀. Yàrá gààrí mi wá di ilé ẹran báyìí. Dókítà, agogo mélòó lẹ máa dé lọ́la, kí ọmọ yẹn lè ti fún ti ilé lóúnjẹ tán kó tó lọ di ẹran pupa mú fún yín?