Gíráàfù eré ọkọ̀ tó bọ́ sábẹ́ òdo: ṣé mítà 201 ni àbí 183?

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n
Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ìbejì mi gba iṣẹ́ àṣetiléwá físíìsì wálé, èyí ọkùnrin ní ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ mítà 201, èyí obìnrin ní 183, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Mo ti ya fọ́tò ìbéèrè náà sókè yìí. Ẹ má bínú, iná ti lọ nígbà tí mo yà á, òjìji ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gé.

Fún ẹni tí fọ́tò kò bá ṣí lórí fóònù rẹ̀: fẹlọ́sítì ló wà lórí ìlà òró, m/s ni wọ́n kọ sí i. Àkókò ló wà lórí ìlà ìbú, sẹ́kọ́ǹdì. Ìlà gíráàfù bẹ̀rẹ̀ láti 6, ó gòkè tààrà dé 18 ní sẹ́kọ́ǹdì 4, ó tẹ́ pẹrẹsẹ títí di 10, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Ó gé ìlà ìbú ní 14, ó sì parí sí abẹ́ rẹ̀ ní 16. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni fọ́tò gé kúrò. Wọ́n ní kí wọ́n wá ìmúyára ní apá àkọ́kọ́ àti apá ìkẹyìn, kí wọ́n sì wá bí ọkọ̀ náà ṣe jìnnà tó. Ta ló gbà á nínú àwọn méjèèjì?

Awakọ̀ Ọ̀nà Ọ̀yọ́
Mọ́mì, èyí ò le. Ọkọ̀ gun òkè, ó dúró láti 4 dé 10, bóyá ó ń já èrò, ó wá sọ̀ kalẹ̀ lókè. Ti abẹ́ òdo yẹn, wọ́n ṣìṣe ni. Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀, ọwọ́ aago eré kò bọ́ sábẹ́ òdo rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ́ńdà Jíì
Rárá o, bọ̀dá. Gíráàfù eré nìyẹn, kì í ṣe àwòrán ojú ọ̀nà. Níbi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkọ̀ ń sá 18 m/s láìdín láìlé, ìmúyára ibẹ̀ ló jẹ́ òdo.

Mọ́mì, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é kíá. Ìmúyára àkọ́kọ́ jẹ́ 18 ÷ 4 = 4.5. Ọ̀nà tó rìn ni ààyè abẹ́ ìlà: ½ × 4 × 18 = 36, lẹ́yìn náà 6 × 18 = 108, lẹ́yìn náà 36 míì, a wá fi 9 ti ìsàlẹ̀ kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 189. Àwọn méjèèjì ló kùnà.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n
Háà! Méjì ni mo gbé wá, ó ti di mẹ́ta.

Olùkọ́ Físíìsì, Arádà
Ẹ fara balẹ̀, mà. Akẹ́kọ̀ọ́, o mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n o fò ohun kan ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Tún fọ́tò yẹn wò: ìlà náà kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, láti 6 ni. Ọkọ̀ ti ń lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Nítorí náà, eré tó fi kún un ní sẹ́kọ́ǹdì 4 náà jẹ́ 18 − 6, ìyẹn 12, ìmúyára sì jẹ́ 12 ÷ 4 = 3 m/s². Tí o bá fi 18 pín sí 4, ìlà mìíràn lo ń wọ̀n, èyí tó ti igun òdo dé ibẹ̀, ìlà yẹn kò sì sí nínú àwòrán. Ohun tó máa ń jẹ́ kí àṣìṣe yìí wọlé ni pé 4.5 tí o rí yìí yóò tún yọjú ní apá ìkẹyìn, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú, ẹni tó rí i á sì rò pé òun ti gbà á.

Àṣìṣe kan náà ló ba ààyè rẹ jẹ́. Ohun tó wà lábẹ́ apá àkọ́kọ́ kì í ṣe onígun mẹ́ta. Onígun mẹ́rin kan ló wà nísàlẹ̀, 4 × 6 = 24, onígun mẹ́ta wá jókòó lé e lórí, ½ × 4 × 12 = 24. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ìwọ ní 36, mítà 12 ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ wá jẹ́ ká wo nọ́ńbà tí fọ́tò gé. A ò nílò láti méfò. Láti 10 dé 14, eré já láti 18 sí òdo, ìyẹn ni pé 4.5 ń dín kúrò ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan. Ìlà náà kò tẹ̀ rárá nígbà tó kọjá òdo, nítorí náà bó ṣe ń dín kò yí padà. Sẹ́kọ́ǹdì 2 míì yóò dín 9 kúrò lára òdo: nọ́ńbà ìsàlẹ̀ jẹ́ −9. Ìmúyára gbogbo apá ìkẹyìn, láti 10 dé 16, jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo:

(−9 − 18) ÷ (16 − 10) = −27 ÷ 6 = −4.5 m/s²

Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń pín apá yìí sí méjì ní 14, wọn á ní ó ń dẹwọ́ eré lókè, ó ń múra sí i nísàlẹ̀, wọn á wá fi àmì àròpọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni pé eré ń pọ̀ sí i lẹ́yìn 14, ṣùgbọ́n sí ẹ̀yìn ló ń pọ̀ sí. Ìlà kan tí kò ṣẹ́ kò lè ní ìdagẹ̀rẹ́ méjì.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ọ̀yọ́
Sí ẹ̀yìn? Ṣé rìfáàsì ni?

Olùkọ́ Físíìsì, Arádà
Rìfáàsì ni, ẹ̀gbọ́n. Aago eré inú ọkọ̀ yín kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, eré lásán ló ń kà. Fẹlọ́sítì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní Tákíé ni ọkọ̀ ti gbéra tó kọjú sí Ọ̀yọ́: ohun tó wà lókè ìlà ìbú ni ìgbà tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ìgbà tó ń padà sí Tákíé. Ní sẹ́kọ́ǹdì 14 ló jìnnà jù sí ibi tó ti gbéra:

48 + 108 + 36 = 192 m

Lẹ́yìn náà ó fà sẹ́yìn ½ × 2 × 9 = 9 m. Ibi tó parí sí jẹ́ 192 − 9 = 183 m sí ibi tó ti gbéra. Ìyẹn ni ìṣípòpadà. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí a ka gbogbo ilẹ̀ tí táyà tẹ̀, 192 + 9 = 201 ni.

Mọ́mì, ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbejì: 201 − 183 = 18, ìlọ́po méjì 9 gan-an. Nígbà tí ìdáhùn méjì bá fi ìlọ́po méjì ààyè abẹ́ òdo yàtọ̀ síra, ó ṣeé ṣe kí ìṣirò àwọn méjèèjì péye, bó ṣe rí níbí nìyẹn. Àmì ni wọ́n ń jà lé lórí.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ọ̀yọ́
Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ṣe ìbéèrè yìí: 9 m/s lé ní kìlómítà 32 ní wákàtí kan. Ta ló ń fi rìfáàsì sá irú eré bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ tó sì ń lọ síwájú gbọ́dọ̀ dúró kó tó pa jíà dà, kò lè gba inú òdo kọjá wẹ́rẹ́ báyẹn.

Olùkọ́ Físíìsì, Arádà
Ẹ gbà á níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ gidi ni, ìlà yẹn ì bá tẹ́ díẹ̀ lórí òdo kó tó bọ́ sábẹ́. Ohun tó máa ń ya irú ìlà tó lọ tààrà bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tí a yí gun pákó tó dagẹ̀rẹ̀, tó lọ sókè, tó sì yí padà fúnra rẹ̀. Olùbéèrè kàn fi ọkọ̀ rọ́pò bọ́ọ̀lù ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ́ńdà Jíì
Mo ti rí 6 yẹn báyìí, sà. Ẹ ṣeun. Rúlà ni mo gbé lé ojú fóònù.

Olùkọ́ Físíìsì, Arádà
Má fi rúlà wọn fọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ ni Mọ́mì ti yà á, àwọn àpótí apá ọ̀tún kéré ju ti apá òsì lọ lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kan náà ni wọ́n lórí ìwé. Àpótí ni kí o kà. Ṣùgbọ́n kí o tó kà á, mọ iye tí àpótí kan dúró fún: nínú èyí, àpótí kan ní òró jẹ́ 3 m/s, àpótí kan ní ìbú jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 2. Ẹni tó bá ka àpótí lásán ní apá àkọ́kọ́ á rí òkè 4, ìbú 2, á sì sọ pé ìmúyára jẹ́ 2. Irọ́ ni, 12 sórí 4 ni.

Àpótí kan sì dúró fún 3 × 2 = 6 m. O lè fi yẹ iṣẹ́ rẹ wò: lókè, àpótí 8, 18 àti 6, nísàlẹ̀, àpótí kan àbọ̀. 32 − 1.5 = 30.5, ní ìlọ́po 6, ó jẹ́ 183.

Ọmọ Sábó
Ẹ jọ̀ọ́ sà, tèmi kì í ṣe ìlà tààrà, ó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìkòkò. Wọ́n ní kí n wá ìmúyára ní sẹ́kọ́ǹdì 5. Mo fi eré ibẹ̀ pín sí 5, olùkọ́ fa igi lé e.

Olùkọ́ Físíìsì, Arádà
Igi tọ́ sí i. Fi rúlà fa ìlà tààrà kan tó fara kan ẹ̀yìn ìkòkò yẹn ní 5 nìkan, kó má gé e wọ inú. Jẹ́ kó gùn, kó kọjá dáadáa ní òsì àti ọ̀tún, kí o sì mú ojú méjì tó jìnnà síra lórí ìlà tí o fà, kì í ṣe lórí ẹ̀yìn ìkòkò. Tí ojú méjèèjì bá sún mọ́ra jù, àṣìṣe ìdajì àpótí kan á yí ìdáhùn padà pátápátá. Tí wọ́n bá wá ààyè, ka àpótí: èyí tó tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kà á sí odidi, èyí tí kò tó, fi sílẹ̀. Ìdáhùn tìrẹ àti ti ẹlòmíì lè yàtọ̀ díẹ̀, kò burú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ́ńdà Jíì
Ó dáa, sà, ṣùgbọ́n èwo ni kí Mọ́mì kọ? "Bí ọkọ̀ náà ṣe jìnnà tó", 183 nìyẹn ní tèmi.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ọ̀yọ́
Ẹni tó bá ra epo mọ̀ pé 201 ni.

Olùkọ́ Físíìsì, Arádà
Ọ̀rọ̀ tí Mọ́mì fi túmọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ méjèèjì. Ó di ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé gan-an. Mà, òjìji ọwọ́ yín ló bo ọ̀rọ̀ kan níwájú àmì ìbéèrè ní ìlà kẹta. Ẹ bá wa wò ó: ṣé ìṣípòpadà ni wọ́n béèrè, àbí àpapọ̀ ọ̀nà tó rìn?

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n
Èyí obìnrin ti gbé ìwé náà lọ sí lẹ́sìnnì. Tó bá dé lálẹ́, màá tún un yà, màá sì gbé ọwọ́ mi kúrò.