Sítétímẹ́ǹtì èlùbọ́: ẹ bá mi wo èlé yìí o

Ìyá Ìbejì (Pẹ́kámù): Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ gbà mí o. Ẹni tó ń kó èlùbọ́ fún ṣọ́ọ̀bù mi fi sítétímẹ́ǹtì ránṣẹ́, àyà mi sì já. Ínfọ́ìsì kan péré ni, 1,200 pọ́ùn, 10 Jánúárì 2025 ni wọ́n kọ ọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ la jọ fi àdéhùn sí, 10 Éépírì ni mo tó rówó san. Wọ́n wá kọ èlé 37.73, ìtanràn 70, wọ́n tún kọ 70 mìíràn, wọ́n ní ti oṣù kejì nìyẹn. Ṣé kí n san án ni?

Bọ̀dá Ṣọlá (Líìdì): Ẹ má san kọ́bọ̀! Káńsù ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi lórí owó ilé, mo pariwo títí wọ́n fi yọ ọ́.

Àǹtí Rónkẹ́: Bọ̀dá wa, ti káńsù yàtọ̀. Oníṣòwò sí oníṣòwò lèyí, òfin Ìlú Ọba ti 1998 lórí gbèsè ọjà tí wọn ò tètè san gbà wọ́n láyè. Gbèsè tí ò tó 1,000, ìtanràn ẹ̀ 40 ni, tó bá ti pé 1,000 àmọ́ tí ò tó 10,000, 70 ni, ẹ̀ẹ̀kan péré lórí ínfọ́ìsì kan sì ni. 70 kejì yẹn, kí wọ́n yọ ọ́ kíá.

Ó ku èlé. 8 pasẹ́ńtì ni, lé lórí iye tí Báǹkì Íńgílándì gbé kalẹ̀, 4.75 nígbà náà, ó di 12.75. Èlé 1,200 lọ́dún á jẹ́ 153, ẹ pín in sí 365, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pẹ́ńsì 42 lójúmọ́. Ẹ wá fi iye ojúmọ́ yẹn pín 37.73 wọn, ẹ máa rí ọjọ́ 90. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ínfọ́ìsì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka èlé! 9 Fẹ́búárì lowó yẹn tó pé, ọjọ́ 60 lẹ fi pẹ́, 25.15 ni.

Láyí Mansẹ́stà: Àǹtí, báǹkì já a sí 4.5 ní Fẹ́búárì o, èlé náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Àǹtí Rónkẹ́: Lóòótọ́ ni wọ́n já a, àmọ́ iye tó wà nílẹ̀ ní 31 Dìsẹ́ḿbà ni òfin ń lò títí Júùnù fi máa parí.

Láyí Mansẹ́stà: Ẹni tó ń kó ọjà fún mi yí tiẹ̀ padà lóṣù yẹn gan-an.

Àǹtí Rónkẹ́: Àfi tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe jọ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín.

Alhájì Kúnlé: Tèmi, èlé lórí èlé ni wọ́n ń kọ lóṣooṣù, mo sì ń san, mi ò mọ̀ pé òfin yẹn ò gbà kí èlé máa bímọ. Owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Àǹtí Rónkẹ́: Ìyá Ìbejì, ìwé tẹ́ ẹ fi ṣí àkáǹtì dà? Tí wọ́n bá kọ èlé tiwọn síbẹ̀, tó sì tó nǹkan, ìyẹn la máa lò, 12.75 ò ní wúlò.

Ìyá Ìbejì: Mò ń wá a, ó wà láàárín àwọn páálí.

Láyí Mansẹ́stà: Ẹ wá ra èlùbọ́ lọ́dọ̀ wa níbí jàre, ti Lọ́ńdọ̀nù ò dúdú.

Ìyá Ìbejì: Irọ́ ńlá! Àmàlà Mansẹ́stà tí ń ṣàn bí ògì?

Alhájì Kúnlé: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi àmàlà sílẹ̀ fún Bódìjà. Gbẹ̀gìrì àti ewédú gbígbóná, ṣàkì lórí ẹ̀, háà, ilé ń wù mí o.

Bọ̀dá Ṣọlá: Alhájì, Dìsẹ́ḿbà yìí ńkọ́, ṣé ẹ̀ ń lọ?