Fọ́ọ̀mù ètò ẹ̀kọ́ ti jọra, iṣẹ́ inú kíláàsì kò jọra

Olórí Ẹ̀ka, Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará. Tíṣà sáyẹ́ǹsì márùn-ún ló wà lábẹ́ mi. Oníkálùkù ń kọ ètò ẹ̀kọ́ bó ṣe wù ú, ni mo bá ṣe fọ́ọ̀mù kan, mo pín in fún wọn: èròǹgbà, ohun èlò, ìpele mẹ́rin, ìgbéléwọ̀n, iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ń kún un dáadáa. Ṣùgbọ́n mo jókòó sí kíláàsì Bàọ́lọ́jì kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkàn mi ò balẹ̀. Èròǹgbà tó kọ ni: “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ àyẹ̀wò oúnjẹ.” Ìgbéléwọ̀n: “Bi wọ́n ní ìbéèrè.” Èmi náà ló sì fọwọ́ sí i! Kí ni kí n yí padà?

Tíṣà Mopa: Ẹ fòfin de “mọ̀” àti “lóye” nínú èròǹgbà. Ó parí.

Ìyá Ìbejì, Ẹgbẹ̀: Ẹ káàbọ̀ sí wàhálà. Ní tiwa, a ó kọ ètò ẹ̀kọ́ sínú ìwé, a ó tún dà á kọ sórí fọ́ọ̀mù. Ọwọ́ ń ro mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún tiwọn.

Tíṣà Àgbà, Ìsánlú: Ará Mopa, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ tíṣà yóò kàn yọ “mọ̀” kúrò, yóò fi “ṣàlàyé” rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ohun tó yí padà. Ibi tí àlàfo wà ni pé èròǹgbà wà lókè, ìgbéléwọ̀n wà nísàlẹ̀, wọn ò rí ara wọn. Olórí Ẹ̀ka, ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ìlà kan, kí tíṣà kún ìlà yẹn kó tó kan ìpele kankan.

Ẹ wo ti àyẹ̀wò oúnjẹ yẹn. Lápá òsì: “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kán áyódíìnì sórí iṣu àti funfun ẹyin sísè, yóò sì sọ èyí tó ní sítáàṣì.” Lápá ọ̀tún: fún wọn ní búrẹ́dì tí wọn ò tíì yẹ̀ wò, kí kálukú kọ àwọ̀ tó rí. Bó bá di búlúù tó ṣókùnkùn bíi dúdú, sítáàṣì wà níbẹ̀. Bí àwọ̀ áyódíìnì kò bá yí padà, kò sí. Ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ sì so ojú ewé kan tí ẹ ti kún fúnra yín mọ́ fọ́ọ̀mù tó ṣófo.

Ìpele mẹ́rin yẹn ń kọ́? Ẹ má fi dandan lé iye rẹ̀. Ẹni tí méjì tó fún yóò kàn fi ọ̀rọ̀ dí méjì tó kù ni.

Olórí Ẹ̀ka, Kàbà: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Àyè tí mo yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ń dí lóòótọ́. Ó ku kan: píríọ̀dù méjì tó so pọ̀ fún iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, fọ́ọ̀mù kan ni tàbí méjì?

Tíṣà Àgbà, Ìsánlú: Kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ kan náà ni.

Tíṣà Mopa: Méjì o! Píríọ̀dù ni ọ̀gá tiwa ń kà bó bá ń yẹ ìwé wò.

Olórí Ẹ̀ka, Kàbà: Ọ̀rọ̀ yẹn ni n óò gbé lọ bá ọ̀gá wa lọ́jọ́ Ajé.