Àbọ̀ ọ̀rọ̀ hítà omi tó ń já bírékà

Ìbéèrè mi: "Bí mo bá ti tan hítà ni bírékà 30 mA ń já. Ṣé tẹmosítáàtì ni àbí ẹ́límẹ́ǹtì?"

Ẹ́límẹ́ǹtì ni o. Mo pa iná pátápátá, mo tú wáyà méjèèjì lẹ́nu rẹ̀, mo fi tépù dì wọ́n. Mo tan iná padà nígbà tí omi ṣì tutù, bírékà ò já: tẹmosítáàtì bọ́ nínú ẹ̀sùn.

Ẹni tó sọ pé 26 Ω láàárín ẹnu méjèèjì ti tó láti fi hàn pé ẹ́límẹ́ǹtì dára, ìdajì ló rò ó dé. Ìyẹn kàn sọ pé wáyà inú rẹ̀ ò já ni. Bàbá oníná tó ní kí n wọn ẹnu kan sí ara táǹkì ló là á: 5 kΩ péré. Lórí 230 V, 46 mA ló ń jò sí ara táǹkì, ó sì ju 30 mA bírékà lọ.

Ẹni tí tiẹ̀ ń já lẹ́yìn wákàtí kan, tiyín yàtọ̀. Ẹ yẹ ìdè wáyà wò.

Ohun tó la ara ẹ́límẹ́ǹtì ò tíì yé mi.