Síìmù aláìrí kọ́! (í-síìmù àti ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù)

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mò ń lọ Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ 18. Ṣé kí n ra síìmù wọn tí mo bá débẹ̀ ni, àbí í-síìmù tí gbogbo ayé ń pariwo yìí? Mi ò fẹ́ kí nọ́ńbà tí báǹkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Kí tilẹ̀ ni à ń pe í-síìmù lédè wa?

Akéwì Kútọ̀

Síìmù aláìrí. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́. Kò sí ohun tí a lè fọwọ́ mú níbẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ló wà. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú kí ẹ tó lọ: ẹ débẹ̀, ẹ sanwó, ó wọlé. Nọ́ńbà Nàìjíríà yín á ṣì wà níbẹ̀, torí ìlà méjì lè jọ ṣiṣẹ́ nínú fóònù kan.

Olùkọ́ Ìjàyè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa ba èdè jẹ́. Aláìgbọ́n ni ẹni tí kò gbọ́n. Aláìgbọràn ni ẹni tí kì í gbọ́ràn. Ta wá ni aláìrí? Ẹni tí kò rí nǹkan! Síìmù yín fọ́jú nìyẹn. Ohun tí a kò rí lẹ fẹ́ sọ, ohun tí kò ríran lẹ sọ. Àwọn àgbà tó kọ́ wa ní gírámà kò ní gba irú èyí lọ́wọ́ ọmọ ìwé mẹ́fà. Síìmù àfibọ̀ ló tọ́: wọ́n fi í bọ inú fóònù, bí a ṣe ń fi gbólóhùn bọ inú gbólóhùn.

Alátùn-únṣe Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń fi píìnì ṣí ihò rẹ̀ kí a tó tì í wọlé ńkọ́? Òun gan-an kọ́ ni àfibọ̀? Èyí tí à ń wí yìí, ilé iṣẹ́ ló ti jó o mọ́ pátákó inú fóònù. A kì í yọ ọ́, a kì í pààrọ̀ rẹ̀. Tèmi ni pé síìmù àbímọ́ ni, torí wọ́n bí i mọ́ fóònù.

Akéwì, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn ló máa kó arìnrìn-àjò sí wàhálà. Síìmù kọ́ ni à ń gbà látorí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlà ni, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀kì fi ń dá yín mọ̀. Láìsí ìńtánẹ́ẹ̀tì, ìlà ò wọlé. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ di pápákọ̀ òfurufú ọ̀hún lè bá Wáì-fáì tó fẹ́ kọ́kọ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà, nígbà tí nọ́ńbà ilé ò tíì gbé nẹ́tíwọ̀kì kankan. Ilé ni kí ẹ ti gbé e sórí fóònù, pẹ̀lú Wáì-fáì tí kì í já.

Aláàdìrẹ, ẹ kọ́kọ́ tẹ èyí bí ẹni fẹ́ pe èèyàn:

```
*#06#
```

Tí ẹ bá rí EID, tó ní nọ́ńbà 32, fóònù yín ní àbímọ́. IMEI tó ní nọ́ńbà 15 kò fi nǹkan kan hàn, gbogbo fóònù ló ní in. Tó bá jẹ́ áífóònù, ẹ wọ Settings, General, About, kí ẹ wo Carrier Lock. No SIM restrictions ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì kan ti so fóònù náà mọ́lẹ̀, kò ní gba ìlà ẹlòmíì, ì báà jẹ́ àbímọ́, ì báà jẹ́ ti páálí tí à ń tì bọ ihò. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ fóònù wò bóyá ihò síìmù wà níbẹ̀.

Ìyá Láfẹ́nwá

Tèmi náà rèé o. Nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi rárá. Tí mo bá ṣe àbímọ́ yìí, ṣé á dáa?

Alátùn-únṣe Pánṣẹ́kẹ́

Rárá, mà. Òpó nẹ́tíwọ̀kì kan náà ni síìmù páálí àti àbímọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Tí òpó ò bá dé ṣọ́ọ̀bù yín, kò sí èyí tó máa dé ibẹ̀.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Mo rí EID. No SIM restrictions ló wà níbẹ̀. Áífóònù 14 ni, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á wá fún mi. Mo yẹ gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò níhò rárá! Inú fóònù kékeré mi àtijọ́ ni síìmù tí báǹkì mọ̀ wà.

Alátùn-únṣe Pánṣẹ́kẹ́

Ó dáa tí ẹ wò ó. Áífóònù tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, láti orí 14 tó jáde ní ọdún 2022, kò níhò síìmù mọ́. Síìmù páálí tí ẹ bá rà ní Lọ́ńdọ̀nù ò ní ríbi wọ̀ nínú rẹ̀, ti Nàìjíríà náà ò sì ní wọ̀ ọ́. Ọ̀nà méjì ló kù.

Èkíní, ẹ gbé fóònù kékeré yẹn dání pẹ̀lú síìmù báǹkì nínú rẹ̀, kí áífóònù máa lo ìlà ìrìn-àjò, ìyẹn ìlà dátà tí ẹ máa rà sórí àbímọ́ rẹ̀ fún Lọ́ńdọ̀nù. Èyí ni mo fara mọ́ jù. Ìdí ni pé bí áífóònù bá bọ́ sómi ní Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ńbà yín ò bá a lọ. Síìmù páálí, ẹ yọ ọ́, ẹ tì í bọ fóònù mìíràn, ó parí. Tó bá jẹ́ àbímọ́ ni, nẹ́tíwọ̀kì ilé sábà máa ń fẹ́ rí yín lójúkojú pẹ̀lú NIN kí wọ́n tó fún yín lómìíràn, ẹ̀yin sì wà lókè òkun.

Èkejì, ẹ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì yín níbí kí wọ́n sọ ìlà Nàìjíríà di àbímọ́. Tí ẹ bá yan èyí, ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ, torí báǹkì mìíràn lè dá ìfowóránṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀ tó bá rí i pé síìmù ti yí padà. Ẹ gba tókìn báǹkì pẹ̀lú, kó má jẹ́ orí nọ́ńbà nìkan lẹ gbára lé.

Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ ní kí nẹ́tíwọ̀kì yín ṣí róómìn fún ìlà ilé kí ẹ tó kúrò, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ìlà ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè, kí kóòdù báǹkì lè máa wọlé.

Kóòdù aláwòrán tí ẹni tó ta ìlà ìrìn-àjò fún yín bá fi ránṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tàbí kí ẹ ṣí i lórí fóònù mìíràn, torí kámẹ́rà fóònù ò lè wo ojú ara rẹ̀. Ẹ wọ Add eSIM, kí ẹ yà á. Ọ̀pọ̀ irú kóòdù bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rò pé òun ń tún un ṣe, tó wá tẹ Delete eSIM, ti pàdánù owó rẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ lò ó lọ́wọ́, pípa ni kí ẹ pa á, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ìgbà tí ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ti àwọn kan ń kà látìgbà tó wọ fóònù, ti àwọn mìíràn dìgbà tó bá rí nẹ́tíwọ̀kì ọ̀hún.

Tí ẹ bá balẹ̀, ìlà ìrìn-àjò ni kí dátà wà lórí rẹ̀, kí Data Roaming rẹ̀ wà ní títàn. Ibí yìí ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú: wọ́n ti gbọ́ pé róómìn ń jẹ owó, wọ́n pa á, wọ́n wá ń pariwo pé ìlà ò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlà bẹ́ẹ̀, àlejò ni wọ́n lórí nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀, róómìn ni wọ́n fi ń wọlé. Ìlà Nàìjíríà ni kí ẹ pa Data Roaming tirẹ̀, kí ìlà fúnra rẹ̀ sì wà ní títàn. Bí méjèèjì bá jọ wà nínú áífóònù, ẹ pa Allow Cellular Data Switching pẹ̀lú, kó má lọ máa fa dátà ilé lẹ́yìn yín. Ẹ má gbé ìpè lórí ìlà ilé àfi tó bá pọn dandan, owó ni.

Akéwì Kútọ̀

Mo gbà nípa ti ìńtánẹ́ẹ̀tì. Nípa ti aláìrí, n ò tíì gbà. Alàgbà Olùkọ́, alákàn ló ni akàn ni?

Olùkọ́ Ìjàyè

Alákàn kọ́ là ń sọ! Ẹ má yà bàrá. Àbímọ́ yìí gan-an kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ẹ kọ "simu abimo" ránṣẹ́, kí ni ẹni tó gbà á máa kà? Síìmù abímọ! Ohùn ìsàlẹ̀ jábọ́ lára "à", ohùn òkè jábọ́ lára "mọ́", síìmù ti di ìyá ìkókó.

Alátùn-únṣe Pánṣẹ́kẹ́

Ó kúkú bímọ, sà. Áífóònù yẹn lè gba ìlà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí ẹyọ kan, méjì péré ló ń tàn pa pọ̀.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Fóònù kékeré ni mo máa gbé dání. Olùkọ́, kí ni kí n wá kọ fún àwọn oníbàárà mi, àbímọ́ ni àbí àfibọ̀?

Olùkọ́ Ìjàyè

Àfibọ̀.

Akéwì Kútọ̀

Aláìrí.