Kí ni a ó pe mọ́ọ̀tì nínú ọ̀rọ̀ wisikí?

Atúmọ̀ èdè, Ọ̀yọ́: Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ ìwé kékeré kan lórí wisikí. Mo kọ "ọtí báálì híhù" fún wisikí mọ́ọ̀tì, "ọtí àgbàdo híhù" fún bọ́bọ̀nù ti Amẹ́ríkà, àti "ọtí ọkà ráì híhù" fún wisikí ọkà ráì. Ṣé wọ́n tọ̀nà?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́: "Mọ́ọ̀tì" gan-an ni kí ẹ kọ, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ọkà báálì ni mọ́ọ̀tì, kò sí ọkà mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan, Ògbómọ̀ṣọ́: Ìyá mi máa ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. A ó rẹ àgbàdo, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé, a ó fi ewé bò ó; tó bá hù tán, a ó sá a, a ó sì lọ̀ ọ́. Nítorí náà, "àgbàdo híhù" kò ṣàjèjì sí mi. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fi ń kan kíákíá, tí wisikí kì í sì í kan.

Apọntí, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú àtúnṣe o. Orúkọ kejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló ṣini lọ́nà jù. Àgbàdo inú bọ́bọ̀nù kì í sábà hù rárá. Gbígbẹ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì sè é. Ẹ jẹ́ ká mú ọgọ́rùn-ún kílò ọkà: 75 lè jẹ́ àgbàdo, 13 ọkà ráì, 12 báálì tó ti hù. Wọ́n á se àgbàdo títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, nítorí sítáàṣì rẹ̀ le, kò sì ní tú sílẹ̀ láìjẹ́ pé ooru mú un dáadáa. Tó bá tutù díẹ̀, wọ́n á da ọkà ráì sí i. Tó bá wá balẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 64 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, wọ́n á da báálì sí i. Báálì kékeré yìí ló ń sọ gbogbo ẹ̀kọ náà di ṣúgà, nítorí pé nígbà tó ń hù ni ẹ́ńsáìmù tó ń gé sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kánjú da báálì sí i nígbà tó ṣì gbóná jù, ẹ́ńsáìmù yóò kú, ẹ̀kọ náà yóò ki, kò sì ní dùn. Ẹ kán ayodíìnì sí i díẹ̀: bó bá dúdú bí aró, sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀.

Híhù, nígbà náà, iṣẹ́ tí a ṣe sí ọkà ni, kì í ṣe irú ọkà. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́ wa nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báálì ni a sábà ń mú hù. Ní Skọ́tílándì, báálì tó hù nìkan, omi àti ìwúkàrà ló ń di wisikí mọ́ọ̀tì. Wọ́n sábà ń sè é gba oru rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò bàbà, ó kéré tán ó sì gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 nínú àgbá igi óòkù. Adùn rẹ̀ dà bí ọkà yíyan àti oyin, àyàfi bí wọ́n bá fi èéfín èèpẹ̀ àbàtà gbígbẹ yan ọkà náà, nígbà náà èéfín ló ń borí. Bọ́bọ̀nù dùn bí ṣúgà tó jó díẹ̀, nítorí àgbàdo àti nítorí àgbá tuntun tí wọ́n fi iná jó nínú.

Ọkà ráì ni tèmi. Ó máa ń yọ̀ bí ilá nínú ìkòkò, ó ń yọ ìfófó púpọ̀ débi pé ó lè kún jáde, ṣùgbọ́n ó ń ta lẹ́nu bí ata àti kànáfùrù. Òfin Amẹ́ríkà ní, ó kéré tán, kí ìdá 51 nínú 100 jẹ́ ọkà ráì, kò ní kó hù. Òfin kan náà ya wisikí ọkà ráì tó hù sọ́tọ̀ lórúkọ tirẹ̀, nítorí náà orúkọ kẹta yín ń tọ́ka sí ọtí mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: kòkòrò àìfojúrí ló ń mú un kan. Wisikí tó wà nínú ìgò kò dín ní ìdá 40 nínú 100 ọtí líle, kòkòrò kò lè gbé inú rẹ̀.

Atúmọ̀ èdè: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé "báálì eléèhù" yóò sàn ju "híhù" lọ? Àwa mọ èéhù iṣu.

Apọntí: Rárá o. Lẹ́yìn tí báálì bá gbẹ, èéhù náà ni wọ́n ń gbọ̀n dànù. "Báálì àmúhù" ni mo fara mọ́, nítorí ó fi hàn pé ènìyàn ló mú un hù. Fún àwọn méjì yòókù, "ọtí alágbàdo" àti "ọtí ọlọ́kà ráì" ti tó. Wọn kò sọ pé ọkà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Olùkọ́: Mo gba alágbàdo. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó gbin báálì náà mú un hù nínú oko, "àmúhù" kò tíì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyá kan, Ògbómọ̀ṣọ́: "Àgbàdo ọtí" ni ìyá mi ń pe èyí tó hù tó sì gbẹ. Bóyá "báálì ọtí"?